Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Sípíkà Yín Ń Kùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jókòó nídìí mísà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí àti ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n bá yín sọ. Ẹ mọ ariwo tí mò ń wí. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan gìtá, síbẹ̀ sípíkà ń kùn húùùn láìdákẹ́. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ibẹ̀ náà ló wà. Ohun tí púpọ̀ nínú yín wá ń ṣe ni pé ẹ ó mú púlọ́ọ̀gì áńpù, ẹ ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀, ẹ ó sì ki ìdérí báírò bọ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó lè gba ẹsẹ̀ méjì tó kù. Lóòótọ́, ariwo náà á dákẹ́. Ìdí tó fi ń dákẹ́, ìdí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àti ọ̀nà tó tọ́ láti gbà pa á lẹ́nu mọ́, òun ni mo fẹ́ là yé yín. Àwọn àgbà ló ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi gbọ̀ngàn kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ n'Ìbàdàn. Pẹpẹ wà níwájú, àwọn áńpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri iwájú. Mísà wà lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ẹnu ọ̀nà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ló sì ti ń jẹ iná tirẹ̀. Wáyà ohùn kan tó gùn tó mítà 30 ló so mísà mọ́ áńpù. Jáàkì mónò ló wà lórí rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá bó wáyà yẹn, ẹ ó rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ní àárín, ẹ ó sì rí àwọ̀n wáyà tó yí i ká.

Àpótí irin ni mísà, àpótí irin náà ni áńpù. Ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì ló so àpótí kọ̀ọ̀kan mọ́ wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní áàtì. Wáyà ilẹ̀ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn pàdé níbi bọ́ọ̀dù iná ilé náà. Àwọ̀n wáyà ohùn tún so àpótí kan mọ́ èkejì. Ẹ wá fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àpótí mísà, ẹ gba àwọ̀n wáyà ohùn lọ sí àpótí áńpù, ẹ gba ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wọ inú ògiri, ẹ dé bọ́ọ̀dù, ẹ gba inú ògiri padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ẹ gòkè bọ̀ sínú mísà. Ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òrùka ni, irin sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òrùka yìí ló ń bí ariwo.

Nǹkan méjì ló ń sún iná wọ inú òrùka náà. Èkíní ni pé iná tó ń gba inú ògiri kọjá àti tíransifọ́mà inú àwọn ẹ̀rọ ń ta agbára òòfà síta, iná tiwa sì ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òrùka wáyà tó bá tẹ́ yíká gbọ̀ngàn á gba díẹ̀ nínú agbára yẹn, iná kékeré á sì máa ṣàn nínú rẹ̀. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní máa ń jo iná díẹ̀ sórí wáyà ilẹ̀ láti inú ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ ìdọ̀tí iná. Kò tó ohun tó lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ilẹ̀ ti iwájú àti ilẹ̀ ti ẹ̀yìn yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn. Bí odò tí a gbẹ́ ojú ọ̀nà méjì fún ni iná náà ń ṣe: kì í gba ojú kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ó ń gba inú ògiri, ó sì tún ń gba inú àwọ̀n wáyà ohùn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí nínú wáyà jáàkì mónò, àwọ̀n yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ìdajì ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Áńpù kì í wo wáyà àárín nìkan, ó ń wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti àwọ̀n. Ká ní mílíáńpíà 10 ń gba inú àwọ̀n kọjá, tí àwọ̀n náà ní óòmù 1 láti ẹnu kan dé èkejì. Mílífóòtì 10 nìyẹn, áńpù á sì gbà á bí ẹni pé ara orin ni. Ohùn tó ń ti inú ẹ̀rọ orin ilé tàbí láàpùtọ́ọ̀pù wá kì í sábà ju nǹkan bí mílífóòtì 300 lọ. Ariwo tó tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n ohùn rèé. Nígbà tí ìlù ń dún lọ́wọ́, ẹ lè má gbọ́ ọ. Bí pásítọ̀ bá ní kí a dákẹ́ ká gbàdúrà, gbogbo ilé á gbọ́ ọ.

Kí ẹ tó tọ́jú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òrùka ló ń kùn. Ẹ fi etí wọn ọ́n. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, á dún sún mọ́ 50 yẹn gan-an. Bí ariwo náà bá bá a mu, tàbí tó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lókè, ara iná ló ti ń bọ̀. Bí ẹ bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, tí ohùn ariwo náà ń rẹlẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń mí hẹlẹ, ẹ̀rí mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí kàn sọ pé iná ni, kò tíì sọ pé òrùka ni. Bí gìtá bá ń kùn, tí ariwo rẹ̀ sì ń yí padà bí onígìtá ṣe ń yí ara rẹ̀ padà, gìtá náà ló ń gba òòfà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òrùka kọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà tí mo fi ń wá òrùka kò le. Ẹ fa gbogbo fédà mísà wálẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́, ohun kan tó wọ inú mísà ló ń mú un wá. Ẹ gbé fédà wọn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá kùn ni ẹ mú. Bí ariwo kò bá dákẹ́ nígbà tí gbogbo fédà wà nílẹ̀, àárín mísà àti áńpù ni ẹ wá a lọ. Ẹ yí ìwọ̀n áńpù wálẹ̀ pátápátá, ẹ fa jáàkì ohùn yọ kúrò lẹ́yìn áńpù, kí ẹ tó tún un gbé sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fa jáàkì yọ nígbà tí áńpù wà lókè, ariwo tó máa bú jáde lè ba sípíkà jẹ́. Bí áńpù tí kò ní jáàkì lára bá ṣì ń kùn, inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Bí ó bá dákẹ́, wáyà ohùn yẹn ló sábà máa ń parí òrùka.

Nínú gbọ̀ngàn tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ariwo méjì ló wà, ẹ kò sì ní mọ̀ àfi tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo fédà nílẹ̀, ó ń kùn; ẹ fa jáàkì kúrò lẹ́yìn áńpù, ó dákẹ́. Ti wáyà gígùn nìyẹn. Ẹ dá jáàkì padà, ẹ gbé fédà láàpùtọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń gbé orin ìyìn sójú ògiri sókè, ariwo tún le sí i, pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín kan tó ń yí padà bí ẹ bá ṣe ń mú máòsì rìn. Ẹ fa ṣájà láàpùtọ́ọ̀pù yọ, ó rọlẹ̀. Ẹ fa wáyà pùrójẹ́kítọ̀ náà yọ, ó dákẹ́ pátápátá. Ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta so láàpùtọ́ọ̀pù mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn, pùrójẹ́kítọ̀ tó wà lókè àjà so ó mọ́ ilẹ̀ ibòmíràn, wáyà ohùn sì so ó mọ́ mísà. Òrùka kejì rèé, lórí tábìlì kan náà.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì. Òrùka já lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ariwo fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti já a ni ibi tí ó ń dáàbò bò yín. Bí wáyà iná inú áńpù bá bó lọ́jọ́ kan, tó fara kan àpótí irin, wáyà ilẹ̀ ló yẹ kó gba iná náà lọ. Iná á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì á jó, áńpù á kú, ẹ̀yin á sì wà láàyè. Láìsí ẹsẹ̀ kẹta, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún iná ni àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ inú wáyà ohùn, a kò sì ṣe é fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó lè jó já. Bí ó bá já, tàbí tí ẹnì kan bá fa jáàkì yọ, àpótí áńpù á gbé fóòtì 230 dúró, iná rẹ̀ á ṣì máa tàn, kò sì ní sí àmì kankan tí ẹ máa fi mọ̀. Ara ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù lè má ju óòmù 1,000 lọ. Ẹ pín 230 sí 1,000, mílíáńpíà 230 ló máa gba ara rẹ̀ kọjá. Ọgbọ̀n péré ti tó láti fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu.

Kò sì dìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan áńpù. Okùn gìtá so mọ́ ilẹ̀ áńpù gìtá, orí irin máìkì so mọ́ ilẹ̀ mísà. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ tí àbùkù sì wà nínú rẹ̀, akọrin tó fi ọwọ́ di okùn gìtá mú, tó wá fi ẹnu tàbí ọwọ́ kejì kan máìkì, ara òun ni yóò parí ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní orílẹ̀-èdè Wales, Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan máìkì tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò dára, lórí ìtàgé, lójú àwọn tó wá gbọ́ orin. Iná gbé e, ó sì kú.

Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni mo fún yín: níbi wáyà ohùn ni a ti ń já òrùka, kì í ṣe níbi wáyà iná. Gbogbo ohun tó kù tí mo máa sọ dá lórí ìyẹn.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò ná yín ní nǹkan púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí mísà àti áńpù jẹ iná láti ibì kan náà. Mísà àti láàpùtọ́ọ̀pù kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà ẹ fa ẹkisitẹ́ńṣọ̀n oníwáyà mẹ́ta láti ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀lé ipa ọ̀nà tí wáyà ohùn gbà dé ẹ̀yìn. Òrùka tó tẹ́ yíká gbọ̀ngàn á wá di tẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀ mísà àti ilẹ̀ áńpù á sì di ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ẹrù o: púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí fíúsì rẹ̀ jẹ́ 13 kò yẹ kó ru ju nǹkan bíi wáàtì 3,000 lọ. Bí àwọn áńpù bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìyẹn tán, kí oníná fà sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn síbẹ̀ láti ojú wáyà mìíràn. Èyí á mú kí ariwo rẹlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í pa á tán nígbà gbogbo, nítorí òrùka ṣì wà.

Ìtọ́jú kejì ló tán ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn mísà àti ẹ̀yìn áńpù yín. Bí àwọn méjèèjì bá ní ojú jáàkì kánọ́ọ̀nù ẹlẹ́nu mẹ́ta, tàbí tí wọ́n kọ BALANCED sí ẹ̀gbẹ́ ojú jáàkì sìtẹ́ríò wọn, ẹ ju wáyà mónò yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wáyà ohùn méjì ló wà nínú wáyà kánọ́ọ̀nù, àwọ̀n sì yí méjèèjì ká. Mísà á fi ohùn náà ránṣẹ́ lórí méjèèjì ní ìdojúkọ ara wọn, áńpù á sì mú ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì. Ariwo ilẹ̀ bá wáyà méjèèjì lọ́gbọọgba, nígbà tí áńpù bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́. Àwọ̀n náà kì í ṣe ọ̀nà ohùn mọ́, ẹ̀ṣọ́ nìkan ló kù tó ń ṣe.

Bí ó bá ṣì ku kín-ún, ẹ lè já àwọ̀n yẹn ní ẹnu kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńpù. Ẹ tú jáàkì kánọ́ọ̀nù, ẹ yọ wáyà tó wà lórí ẹnu 1, ẹ fi téèpù dì í kí ó má baà kan nǹkan mìíràn, ẹ fi ẹnu 2 àti ẹnu 3 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ fi ẹnu ẹ̀gbẹ́ mísà sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ẹ má ṣe dán èyí wò lórí wáyà máìkì, nítorí àwọn máìkì kan ń gba fóòtì 48 láti inú mísà, ẹnu 1 sì ni iná yẹn ń gbà padà. Ẹ má sì dán an wò lórí jáàkì mónò. Ọ̀nà ohùn ni àwọ̀n ibẹ̀. Bí ẹ bá gé e, ariwo tó máa jáde á ju èyí tí ẹ ń sá fún lọ.

Ti láàpùtọ́ọ̀pù ńkọ́? Ó ní láti gba iná, ó ní láti bá pùrójẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì ní ojú kánọ́ọ̀nù. Ẹ ra àpótí Dì-Áì tó ní tíransifọ́mà nínú. Nínú tíransifọ́mà yẹn, wáyà tí ohùn ń bá wọlé kò kan wáyà tó ń bá jáde rárá. Òòfà ló ń gbé ohùn láti ọ̀kan sí èkejì. Ohùn kọjá, òrùka kò rí ọ̀nà. Ẹ fi wáyà kúkúrú so láàpùtọ́ọ̀pù mọ́ àpótí náà, ẹ fi wáyà kánọ́ọ̀nù gbé e lọ sí ojú máìkì lára mísà, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ GND LIFT sí. Ohùn tín-ín-rín àti ìkùn á jọ dákẹ́. Bọ́tìnnì yìí kò léwu bíi ti ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì, nítorí ilẹ̀ wáyà ohùn nìkan ló ń já. Ṣájà àti pùrójẹ́kítọ̀ ṣì di ilẹ̀ tiwọn mú. Bí áńpù yín bá jẹ́ èyí tí kò ní ojú kánọ́ọ̀nù, irú tíransifọ́mà ohùn bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí kò wọ́n máa ń jẹ ohùn béèsì, wọ́n sì ń fọ́ bí orin bá ti le jù, nítorí náà ẹ fi orin tó ní béèsì dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Ohun kan wà tí wọ́n máa gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, tí ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣe. Wọ́n á ní kí ẹ ri irin sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, kí ẹ da iyọ̀ àti èédú sí i, kí ẹ sì fún àwọn ẹ̀rọ ohùn ní ilẹ̀ tiwọn, lọ́tọ̀ sí ti ilé. Ká ní irin yẹn ní óòmù 20 sí ilẹ̀. Bí wáyà iná bá kan àpótí áńpù, 230 tí a pín sí 20 jẹ́ áńpíà 11.5. Fíúsì 13 kò ní jó, àpótí áńpù á sì gbé iná dúró. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ilé gbọ́dọ̀ ní. Irin yòówù tí oníná bá rì, ó gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀dù. Nítorí pé irin ilẹ̀ nìkan kì í sábà jẹ́ kí fíúsì jó, ẹ ní kí ó fi bíréékà tí wọ́n kọ 30mA sí sórí bọ́ọ̀dù, irú èyí tó ní bọ́tìnnì T lára. Ìyẹn á já bí iná kékeré bá yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ máa tẹ T yẹn láti ìgbà dé ìgbà. Bí kò bá já, ẹ pàrọ̀ rẹ̀. Bíréékà lásán kì í ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí máìkì bá ń ta yín lẹ́nu jìn-ìn, àìsí ilẹ̀ tó dára ló sábà máa ń fà á, òrùka kọ́. Kò sí Dì-Áì tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ paná, ẹ má kọrin mọ́, ẹ pe oníná.

Lẹ́yìn tí ariwo bá ti dákẹ́, ẹ fa púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yọ kúrò lára ògiri, ẹ mú mítà, ẹ fi ojú kan sí ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, ẹ fi èkejì sí irin àpótí ẹ̀rọ níbi tí ọ̀dà kò sí. Kò gbọ́dọ̀ ju óòmù 1 lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ya onígun mẹ́rin méjì tó wà nínú ara wọn sí lára nìkan ni kò nílò ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Gbogbo púlọ́ọ̀gì tí ẹ ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ gé e sọ nù, ẹ fi tuntun sí i. Wáyà kánọ́ọ̀nù tí ẹ bá sì ti yọ ẹnu 1 rẹ̀, ẹ fi téèpù pupa dì í ní ẹnu, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára pé ti áńpù nìkan ni, nítorí ọmọ tó máa jókòó sí àyè yín lọ́la kò ní mọ̀.